Ìwé orin àfọwọ́kọ ti màmá àgbà: báwo ni mo ṣe máa tẹ̀ ẹ́ tí nọ́ńbà ẹsẹ àti àmì "2ce" kò fi ní yí padà?

Akọrin Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ìwé orin kan wà lọ́wọ́ mi tí màmá àgbà kan ní ìjọ wa fi ọwọ́ ara wọn kọ. Àwọn ló ń darí àwọn akọrin obìnrin nígbà ayé wọn. Irú ìwé tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń lò ni, bírò ni wọ́n fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ wọn ló kó o fún mi pé kí n tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà kó tó gbó jù. Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí èyí tí mo bá tẹ̀ bá tiwọn mu, látorí nọ́ńbà ẹsẹ dórí ègbè, títí kan gbogbo àmì tí wọ́n fi sí i pé kí a tún ibì kan kọ.

Èyí tó ń dà mí láàmú ni orin tó wà ní ojú ìwé 14. Ẹsẹ 1 ní ìlà mẹ́rin, ègbè tẹ̀ lé e, ìlà mẹ́rin lòun náà. Lápá ọ̀tún ègbè yẹn, màmá fa àkámọ́ gígùn kan tó ṣe kọrọdọ, tí ẹnu rẹ̀ yọ ṣóńṣó láàárín, wọ́n sì kọ "2ce" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá gbogbo ègbè ni wọ́n ní ká kọ lẹ́ẹ̀mejì, tàbí ìlà méjì tó kẹ́yìn nìkan. Lábẹ́ ẹsẹ 2, "Egbe: Wa, Jesu, &c." péré ló wà, ìyẹn ni pé "àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ". Nígbà tí mo ṣíjú sí ojú ìwé 15, ẹsẹ 4 ni mo bá lórí rẹ̀. Kò sí ẹsẹ 3. Lábẹ́ ẹsẹ 4 yẹn wọ́n kọ "Egbe" láìfi ọ̀rọ̀ kankan kún un, nọ́ńbà kan sì wà níwájú rẹ̀ tó lè jẹ́ "2ce" tó sì lè jẹ́ "3ce".

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ nínú Wọ́ọ̀dù. Bí mo ṣe tẹ "1." tí mo sì lọ sí ìlà kejì, ó fi "2." síwájú ìlà náà fúnra rẹ̀. Mo ń pa á rẹ́, ó ń padà wá. Nígbà tó yá, ẹsẹ 4 ti di 3. Kí ni kí n ṣe?

Ọ̀gá Sólfà

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ sólfà, ẹ lo kólọ́ọ̀nù láàárín ìlù kan sí èkejì, kí ẹ sì fi ìlà òró pín ọ̀pá orin kọ̀ọ̀kan. Ẹ má lo ààyè láti fi tò wọ́n, torí bí lẹ́tà bá yí padà, gbogbo ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á ṣí kúrò lábẹ́ ara wọn. Ẹ fi Tab tò ó.

Akọrin Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà

Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Kò sí sólfà kankan nínú ìwé yìí o. Ọ̀rọ̀ orin nìkan ni màmá kọ. Ohun kan ṣoṣo tó jọ ti ohùn orin ni "7s" tí wọ́n kọ sí orí orin náà.

Túndé Yàbá

Èmi ni mo ń ṣe pírọ́jẹ́tọ̀ ní ìjọ wa, ọ̀rọ̀ yìí ò le. Ẹ lọ sí `File`, `Options`, `Proofing`, `AutoCorrect Options`. Ẹ wá ojú ewé tí wọ́n kọ `AutoFormat As You Type` sí, kí ẹ mú àmì kúrò lára `Automatic numbered lists`. Láti ìgbà náà lọ, nọ́ńbà tí ẹ bá tẹ̀ ló máa dúró. Bí ẹ bá sì fẹ́ lọ sí ìlà tuntun nínú ẹsẹ kan náà, Shift+Enter ni kí ẹ tẹ̀, kì í ṣe Enter nìkan. Ìyẹn ló máa jẹ́ kí ẹsẹ kan wà pọ̀ bí odidi.

Ní ti ègbè, ẹ má fi ara yín ṣe wàhálà. Ẹ tẹ ègbè ẹsẹ 1 tán, kí ẹ daakọ rẹ̀ sábẹ́ gbogbo ẹsẹ tó kù. Kí ẹ yọ "2ce" kúrò, kí ẹ sì tẹ gbogbo ègbè náà lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn èèyàn ò ní máa béèrè ibi tí a dé. Ẹ sọ ẹsẹ 4 náà di 3 kó lè tò léra.

Bàbá Atẹ̀wé Ṣómólú

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo ṣe ní Ṣómólú kí n tó fẹ̀yìn tì, ìwé orin oríṣiríṣi sì gba ọwọ́ mi kọjá. Ohun tí Túndé sọ nípa Wọ́ọ̀dù tọ̀nà. Nọ́ńbà ẹsẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ìwọ fúnra rẹ tẹ̀, bí o ṣe ń tẹ lẹ́tà. Èyí tí ẹ̀rọ bá ń kà fúnra rẹ̀, yóò máa kà á bó ṣe wù ú. Bí o bá gbé ẹsẹ kan kúrò lónìí, gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e ló máa yí nọ́ńbà padà láìsọ fún ọ.

Ṣùgbọ́n apá kejì ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mi ò fara mọ́. Wo ohun tí màmá kọ sábẹ́ ẹsẹ 2: "Wa, Jesu, &c." Kí ni ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ègbè ẹsẹ 1? Bó bá jẹ́ Jesu náà ni, kò burú. Bí kì í bá ṣe òun, á jẹ́ pé ègbè náà ń yí ọ̀rọ̀ kan padà láti ẹsẹ dé ẹsẹ, "&c." yẹn sì ni ẹ̀rí kan ṣoṣo tí o ní. Ẹni tó bá lẹ ègbè ẹsẹ 1 mọ́ gbogbo rẹ̀ ti pa ẹ̀rí náà rẹ́.

Akọrin Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. "Wa, Baba" ló wà nínú ègbè ẹsẹ 1. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ nìyí, pẹ̀lú ọ̀nà tí màmá gbà kọ lẹ́tà wọn, láìfi àmì ohùn sí i:

```
1. Oluwa, a pejọ wa
   Ni owurọ ọjọ yi
   Mu ọwọ Rẹ ba le wa
   K'agbara wa di ọtun

Egbe: Wa, Baba, wa ba wa gbe
   Ile Rẹ l'a duro si
   Ma jẹ k'a pada l'ofo
   F'ibukun kun ọwọ wa
```

Ìlà àkọ́kọ́ nínú ẹsẹ 2 ni "Ọna nã jin, o le". Ṣé kí n sọ "nã" di "náà" báyìí?

Bàbá Atẹ̀wé Ṣómólú

Má yí i padà. Kí wọ́n tó tún ọ̀nà tí a ń gbà kọ Yorùbá ṣe ní 1974, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń kọ ọ́. Àwọn tó ti kọ́ ọ tẹ́lẹ̀ kò sì jáwọ́ nínú rẹ̀. Àmì orí "ã" yẹn ń sọ pé fáwẹ̀lì méjì ló wà níbẹ̀. Kíyè sí i, torí "7s" tó wà lórí orin náà ń sọ pé ìlà kọ̀ọ̀kan ní sílébù méje. Kà á: ọ-na-na-a-jin-o-le. Méje ni. Bí àmì yẹn bá bọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ, mẹ́fà ló kù, akọrin á sì wá ohun tí yóò fi dí àlàfo. Bí o bá ti tẹ ojú ìwé kan tán, ka sílébù ìlà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìka. Ìlà tí kò bá pé, tàbí tó lé, padà sí ìwé lọ wò ó. Ó lè jẹ́ pé màmá ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wàá ti mọ̀.

Ó yá, ọ̀rọ̀ àkámọ́. Ṣóńṣó àárín rẹ̀ ni kí o wò. Ẹni tó bá fi ọwọ́ fa irú àkámọ́ yìí sábà máa ń gbé ṣóńṣó rẹ̀ sí agbede méjì ohun tó fẹ́ kó jọ. Orí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ lè gùn kọjá ibi tó yẹ, torí ọwọ́ ń sáré, ṣùgbọ́n ṣóńṣó kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣìnà. Bó bá jẹ́ ìlà mẹ́rin ni wọ́n ń sọ, ṣóńṣó á bọ́ sáàárín ìlà kejì àti ìkẹta. Bó bá jẹ́ ìlà méjì tó kẹ́yìn ni, á bọ́ sáàárín ìkẹta àti ìkẹrin. Lẹ́yìn náà, ṣí ìwé náà kiri títí wàá fi rí orin mìíràn tí màmá fa àkámọ́ sí, tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò rúni lójú. Fi ọwọ́ wọn wé ọwọ́ wọn.

Àwọn tó máa ń kọ "2ce" sábà máa ń ṣe é báyìí: bó bá wà ní ìparí ìlà kan láìsí àkámọ́, ìlà yẹn nìkan ni. Bó bá dá wà lábẹ́ ègbè, gbogbo ègbè ni. Ṣùgbọ́n kálukú ló ní àṣà tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o wá àpẹẹrẹ nínú ìwé kan náà.

Ohun kan tún wà. Bí ó bá ṣẹ́ kù nínú àwọn tó bá màmá kọrin, jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ fún ọ. Má fi ìwé hàn wọ́n kí wọ́n tó kọ ọ́, torí bí wọ́n bá ti rí àkámọ́ yẹn, ohun tí ojú wọn rí ni ẹnu wọn máa tẹ̀ lé.

Ìyá Ìjọ Láfíàjí

Ẹ kú àpérò o. Tiwa nílé náà jọ èyí. Ìwé bàbá mi kún fún orin, nọ́ńbà sì wà lápá òsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà àkọ́kọ́ orin kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí a gbé e fún láti tẹ̀ kó gbogbo wọn pọ̀ mọ́ nọ́ńbà ẹsẹ. Ẹ wá rí orin tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 243! Nọ́ńbà tí orin yẹn ní nínú ìwé orin tí ìjọ ń lò ni bàbá mi kọ síbẹ̀, kí wọ́n lè tètè rí i. Bírò pupa ni wọ́n fi kọ wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀dà dúdú-funfun ni a ṣe fún ọmọ náà, kò lè mọ ìyàtọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi àwọ̀ ya fọ́tò ìwé yín.

Ṣé kò sí orin tí wọ́n kọ "S." àti nọ́ńbà sí lórí nínú tiyín? Orin Sáńkì ni bàbá mi máa ń fi ìyẹn tọ́ka sí.

Túndé Yàbá

Bàbá, mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ nípa "Wa, Jesu". Mi ò wo ibẹ̀ yẹn rárá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè: lọ́jọ́ Ìsinmi, ta ló máa dúró láti ronú sí "&c." lójú ògiri?

Bàbá Atẹ̀wé Ṣómólú

Òótọ́ lo sọ, Túndé. Ìdí nìyẹn tí fáìlì fi gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì. Àkọ́kọ́ ni èyí tó jọ ìwé màmá: "&c." wà níbẹ̀, "2ce" wà níbi tó wà, ẹsẹ 4 ń jẹ́ 4. Ohunkóhun tó bá jẹ́ tìrẹ, tí kì í ṣe ti màmá, fi sínú àkámọ́ onígun mẹ́rin kí ẹnikẹ́ni lè mọ̀. Láti inú ìyẹn ni wàá ti wá ṣe èkejì fún ìjọ. Níbẹ̀ lo ti lè tẹ ègbè síta pátápátá. Bí àríyànjiyàn bá dé lórí èkejì, ẹ ṣì ní àkọ́kọ́ láti padà sí.

Túndé Yàbá

Ìyẹn yé mi. Fún èkejì, OpenLP, ètò kọ̀ǹpútà tó ń gbé ọ̀rọ̀ orin sójú ògiri, ni èmi ń lò, ó sì gba irú nǹkan yìí dáadáa. Ègbè méjì ni ẹ máa dá sílẹ̀ nínú rẹ̀:

```
---[Verse:1]---
---[Chorus:1]---
---[Verse:2]---
---[Chorus:2]---
---[Verse:4]---
```

Kí ẹ wá tẹ èyí sí `Verse order`: `V1 C1 V2 C2 V4 C1`. Nọ́ńbà 4 máa dúró bó ṣe wà, kò pọn dandan kí 3 wà. Bí ẹ bá fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìkọ nǹkan, bí ẹ ṣe tò wọ́n ló máa gbé wọn jáde, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ègbè kọ̀ọ̀kan sì máa yọjú. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé ìwé wọn ló bà jẹ́ nígbà tí ègbè bá di àwátì lẹ́yìn ẹsẹ tó kẹ́yìn. Ibi tó ti kù nìyẹn. C1 tí mo fi sí ìparí, mo kàn fi síbẹ̀ ni, torí "Egbe" tó wà lábẹ́ ẹsẹ 4 kò sọ èyí tó jẹ́.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ má bínú, ẹsẹ 3 ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ṣé ẹ ti wò ó bóyá wọ́n fa ewé kan ya? Bó bá jẹ́ ìwé tí wọ́n fi pín-ìn-nì há láàárín ni, ewé méjì ló so pọ̀ mọ́ra níbẹ̀. Bí ọ̀kan bá ya kúrò, ìkejì rẹ̀ tó wà lápá kejì ìwé máa ń tú, tàbí kí etí rẹ̀ ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ pín-ìn-nì. Ta ló kọ nọ́ńbà ojú ìwé náà, màmá ni àbí ẹ̀yin?

Akọrin Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà

Ẹ ṣé gbogbo yín. Mo ti padà sínú ìwé náà. Ṣóńṣó àkámọ́ bọ́ sáàárín ìlà kẹta àti ìkẹrin ègbè. Mo rí òmíràn ní ojú ìwé 22, níbi tí orin náà ti ní ègbè onílà méjì, ọwọ́ kan náà sì ni. Màmá kan tó bá wọn kọrin, tó ń gbé ní Yàbá báyìí, kọ orin náà fún mi láìrí ìwé: láti "Ma jẹ k'a pada l'ofo" ni wọ́n ti tún un kọ. Mo ti gbà pé ìlà méjì tó kẹ́yìn ni.

Ní ti ewé, màmá fúnra wọn ló kọ nọ́ńbà ojú ìwé, bírò kan náà ni. 14 àti 15 kọjú síra wọn, kò sí etí ewé láàárín, kò sì sí ewé tó tú lápá kejì. Màmá tó wà ní Yàbá ò rántí ẹsẹ 3. Wọ́n ní nígbà míì wọ́n máa ń kéde pé "ẹsẹ 1, 2 àti 4", pé bóyá ìdí nìyẹn tí wọn ò fi kọ ọ́.

Bàbá Atẹ̀wé Ṣómólú

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wo nǹkan kan. Ẹsẹ 1, "Wa, Baba". Ẹsẹ 2, "Wa, Jesu". Kí ló yẹ kó tẹ̀ lé e? Ó jọ pé "Wa, Ẹmi" ni, sílébù rẹ̀ náà sì pé: wa-ẹ-mi-wa-ba-wa-gbe. Bó bá jẹ́ pé inú ìwé mìíràn ni màmá ti ń da orin yìí kọ, ó rọrùn kí ojú wọn fò. Wọ́n kọ "Egbe: Wa, Jesu, &c." tán, wọ́n bọ́ sí ojú ìwé tuntun, wọ́n padà sí ìwé tí wọ́n ń wò, ojú wọn bá ìlà míì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Egbe: Wa", wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ tó tẹ̀ lé ìyẹn. Mo rí irú rẹ̀ léraléra lọ́dọ̀ àwọn tó ń to lẹ́tà. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ níbi tí ìlà méjì bá ti jọra, pàápàá níbi tí èèyàn bá ti bọ́ sí ojú ìwé tuntun.

Mi ò sọ pé ó dá mi lójú. Má ṣe kọ ẹsẹ 3 kankan síbẹ̀. Kọ `[kò sí ẹsẹ 3 nínú ìwé]`, kí o sì béèrè lọ́wọ́ àwọn akọrin àtijọ́ bóyá wọ́n ní ẹ̀dà orin náà nílé. Ẹsẹ 4 tó ń jẹ́ 4 ló máa jẹ́ kí ẹni tó bá ní in mọ ibi tó já sí.

Ìyá Ìjọ Láfíàjí

Èmi fara mọ́ ọ̀rọ̀ màmá tó wà ní Yàbá. Nílé ìsìn, kíkéde ẹsẹ pọ̀ gan-an. Ẹni tó ń darí orin lè kọ kìkì èyí tí wọ́n ń kọ.

Akọrin Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà

Màá fi èrò méjèèjì sínú àlàyé lábẹ́ orin náà. Ó ku nọ́ńbà tó wà níwájú "Egbe" lábẹ́ ẹsẹ 4. Ó ń dà bí 2, ó ń dà bí 3.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ pa iná yàrá, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù láti ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn sórí ìwé. Ibi tí bírò tẹ̀ máa ń jìn sínú. Ẹ wo ẹ̀yìn ewé náà pẹ̀lú.

Akọrin Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà

Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ipa méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì. 2 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ, wọ́n wá fi 3 tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tàbí kó jẹ́ òdìkejì rẹ̀, mi ò lè sọ èyí tó wà lókè. Màmá tó wà ní Yàbá sọ pé nígbà míì wọ́n máa ń kọ ìparí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹ̀mí bá gbé wọn. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ nìyí:

```
Egbe [2ce tabi 3ce: a kọ ọkan le ekeji lori]
```

Túndé Yàbá

Ó dára bẹ́ẹ̀. Nínú ègbè ẹsẹ 1, ẹ fi `||:` síwájú ìlà kẹta àti `:||` sí ìparí ìkẹrin nínú ẹ̀dà ìjọ, ó máa hàn lórí gbogbo fóònù. Ẹ má lo àmì orin gidi tó wà nínú Yúníkóòdù, U+1D106 àti U+1D107. Fóònù púpọ̀ ló máa ń gbé àpótí òfìfo jáde dípò wọn. Bí ẹ bá sì máa fi ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù, ẹ má fi ìràwọ̀ sí iwájú àti ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ láti fi ṣe àmì ìtúnkọ. Ó máa sọ ọ̀rọ̀ náà di dúdú kìjikìji, àwọn ìràwọ̀ náà á sì parẹ́.

Ọ̀gá Sólfà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ màmá yẹn kí wọ́n tún kọ orin náà, kí ẹ gbà á sórí fóònù. Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ̀, màá kọ sólfà rẹ̀ fún yín. Bí ohùn ìlà kẹta àti ìkẹrin bá parí lọ́nà kan ní ìgbà àkọ́kọ́, tó sì parí lọ́nà mìíràn nígbà kejì, "2ce" nìkan kò ní tó sọ ọ́.

Akọrin Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà

Màá lọ bá wọn lẹ́yìn ìdánrawò akọrin lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀gá. Màá béèrè ègbè ẹsẹ 4 lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú, bóyá Baba ni wọ́n máa ń dá padà sí tàbí Jesu.